Lẹ́nu Fèrèsé Yàrá Káàdì

Ní ìlú Ṣakí, ẹni tó bá jókòó sẹ́nu fèrèsé yàrá káàdì ní ilé ìwòsàn kò lè mọ èdè tí yóò jáde lẹ́nu ẹni tó kàn. Òkè-Ògùn ni Ṣakí wà, ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Àwọn Fúlàní darandaran tẹ̀dó sínú ìgbẹ́ tó yí ìlú náà ká. Àwọn Ìbàrìbá ń ti ìhà Baruten ní Ìpínlẹ̀ Kwárà wá, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ti òdìkejì ààlà sọdá. Àwọn Tífì àti àwọn Àgàtú ń wá ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ará Ṣábẹ náà ń wọlé. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kàwé. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gba iwájú fèrèsé káàdì kọjá kí wọ́n tó fojú kan nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Obìnrin kan wà lẹ́nu irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wù mí. Màmá Káàdì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yorùbá ni èdè rẹ̀, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé. Èdè Haúsá tó mọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ, ti Fúlàní tó mọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́ ti Ìbàrìbá rárá. Síbẹ̀, àwọn tí wọn kò gbọ́ èdè kankan tó gbọ́ ń kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí orúkọ wọn pé sí, ọkàn wọn a sì ti balẹ̀. Mo fara balẹ̀ wo bó ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo rí ni pé ìkíni gan-an ni ibi tó ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọ̀yàyà lásán ni.

Yorùbá ló fi ń kọ́kọ́ kí gbogbo ẹni tó bá dé. Ó lè jẹ́ fìlà Haúsá ló wà lórí onítọ̀hún, ó lè jẹ́ pé igbá wàrà ló gbé sórí, Màmá Káàdì yóò kí i ní Yorùbá, ìkíni tó kún: ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í tètè lóye ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí ọ̀dọ́kùnrin Fúlàní kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́rùn, ó sì yára ké sí i pé, "Sànnú!" Èdè Òǹkò, Yorùbá àwọn ará Òkè-Ògùn gan-an, ni ọmọkùnrin náà fi dá a lóhùn, ó sì já gaara ju ti akọ́ṣẹ́ lọ. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, kí ló dé tí wọ́n fi ń bá òun sọ èdè ẹlẹ́dè. Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àìmọye Fúlàní ni wọ́n bí sí Òkè-Ògùn tí wọ́n gbọ́ Yorùbá láti kékeré. Ẹni tó bá fi aṣọ tàbí ojú ènìyàn yan èdè fún un ti sọ fún un pé àlejò ni, kódà bó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ìkíni Yorùbá kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Ṣakí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò dáhùn, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé wọ́n kí òun, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ kí Màmá Káàdì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹsẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ń kí ènìyàn pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Wọ́n kọ́ fèrèsé náà lọ́nà tí ẹni tó wà níta fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó tó lè fojú kan ẹni tó wà nínú. Bí àgbàlagbà bá dé tí kò sì gbọ́ Yorùbá, Màmá Káàdì kì í pe ọ̀rọ̀ láti inú ihò yẹn. Ó máa ń dìde, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, á tẹ orúnkún díẹ̀, á sì kí i lójúkojú. Ó ní ìdí méjì tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ọ̀wọ̀, èyí tí kò nílò ògbufọ̀ láàárín Yorùbá, Haúsá àti Fúlàní, nítorí gbogbo wọn ló mọ ìtumọ̀ kí ọmọdé rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà. Èkejì ni pé bó bá ti jáde, ó lè rí gbogbo ara ẹni náà àti gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e wá. Láti inú fèrèsé, orí àti èjìká nìkan ló lè rí.

Lẹ́yìn ìkíni Yorùbá, ó máa ń dúró. Ìdúró yìí ló ṣòro jù fún àwọn ọ̀dọ́. Yorùbá a máa retí pé bí a bá kí ènìyàn, kí ó dáhùn kíá, kí ohùn rẹ̀ sì jáde. Wọ́n kọ́ obìnrin Fúlàní tí wọ́n bá tọ́ dáadáa pé kí ó rẹ ojú sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀, kí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ìtìjú wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọlúàbí láàárín wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ ìdáhùn, yóò pariwo kí i lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì parí rẹ̀ sí pé agbéraga ni. Mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní ilé ìwòsàn mìíràn, létí obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá Káàdì kì í gbé ohùn sókè rárá. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, títí yóò fi bá ti àlejò dọ́gba. Nígbà náà ni ẹni tó ti ń dáhùn lábẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò di ẹni tí a gbọ́.

Bí ó bá ti hàn pé Yorùbá kò wọlé, ó kan "Sànnú." Ọ̀kan ṣoṣo ni, kò sì fi nǹkan kan lé e. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kí wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo mọ̀ pé ó gbọ́ "Ìná kwáná" tí àwọn Haúsá fi ń kí ara wọn ní òwúrọ̀, ó sì mọ "Láfíyà lau" tí wọ́n fi ń dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iye tí mo bá lè gbé èsì rẹ̀ ni mo máa ń sọ." Ó ní bí òun bá kí wọn ní ìkíni méjì mẹ́ta tó dán mọ́rán, ẹni náà yóò rò pé òun gbọ́ Haúsá, yóò sì da gbogbo ohun tó ń ṣe é kalẹ̀ láìmí. Òun yóò wá dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, ojú yóò sì ti àwọn méjèèjì. Ó sàn kí àlejò mọ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pé díẹ̀ ni òun mọ̀, àti pé nítorí tirẹ̀ ni òun ṣe lo díẹ̀ náà.

Yíyàn tó yan "Sànnú" pàápàá mọ́gbọ́n dání. "Ìná kwáná" kò kọjá òwúrọ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, "Ìná wúnì" ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ béèrè àlàáfíà ẹlòmíràn ní Haúsá gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń yí ọ̀rọ̀ padà fún ọkùnrin àti fún obìnrin, tí kò bá fẹ́ pe bàbá onírùngbọ̀n bí ẹni ń pe ìyàwó ilé. "Sànnú" bá ọkùnrin àti obìnrin mu, ó bá àárọ̀ àti alẹ́ mu, a sì lè fi bá aláìsàn kẹ́dùn bí a ti ń sọ pé "pẹ̀lẹ́." Nínú ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ wúlò gidigidi. Fúlàní púpọ̀ tí kò gbọ́ Haúsá dáadáa ló mọ̀ ọ́n látinú ọjà. Bí ó bá rí i pé Haúsá náà kò bá ẹni náà lára mu, ó ní "Jam" kan tó ń lò fún Fúlàní, èyí tó jẹ́ àlàáfíà. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, kò sì ń díbọ́n pé ó jù bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn èyí kúrú, ó sì ṣe kókó. Yóò fi ọwọ́ ọ̀tún kan etí ara rẹ̀, yóò mi orí, yóò sì gbé àtẹ́lẹwọ́ kan náà lé àyà. Ó ń sọ pé òun kò gbọ́ èdè náà, àti pé ọ̀dọ̀ òun ni àléébù wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àlejò. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni náà nígbà tó bá ń ṣe é. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé ibi tí èdè bá ti pin ni ojú wọn ti ń kúrò lára aláìsàn, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Aláìsàn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ, ó sì mọ ẹ̀rín tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan lára àwọn tí mo rí, kí n tẹ̀ lé e dópin.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, èrò sì pọ̀. Ìyá àgbà Fúlàní kan dé, pẹ̀lú obìnrin ọ̀dọ́ kan tó pọn ọmọ, àti ọmọkùnrin kan tó lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọn kò wá síbi fèrèsé; ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n dúró sí. Màmá Káàdì rí wọn, ó jáde. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ kí, kì í ṣe ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó bá mọ ilé Fúlàní mọ ìdí: bí ìyá ọkọ bá wà níbẹ̀, aya ọmọ kò ní ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi obìnrin ọ̀dọ́ náà léèrè ní tààràtà, ńṣe ni yóò dákẹ́, ìdákẹ́ náà yóò sì pẹ́. Ìyá àgbà náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dá ìkíni Yorùbá lóhùn ní èdè tirẹ̀, ó sì gùn. Màmá Káàdì kò já a lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó wí pé, "Sànnú, Màmá. Jam." Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀. Ìgbà yìí ni ọwọ́ lọ sí etí, tó sì padà sí àyà.

Ìyá àgbà náà yíjú sí ọmọkùnrin yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí Màmá Káàdì ń retí nìyẹn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kì í béèrè ta ló gbọ́ Yorùbá láàárín wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti há, gbogbo wọn yóò wo ẹni tí wọ́n ń gbára lé, òun náà yóò sì tẹ̀ lé ojú wọn. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n wò, tí olúkúlùkù ń wo ilẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ògbufọ̀ láàárín wọn nìyẹn, kí òun tètè máa wá ẹlòmíràn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú rẹ̀ kan tún wà lára ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúnísẹ́fù gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990 nípa títọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àmì mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tó túmọ̀ sí pé ọmọ ti wà nínú ewu: kí ọmọ má lè mu ọmú tàbí omi, kí ó máa bi gbogbo ohun tó bá jẹ, kí gìrì ti mú un, tàbí kí ó máa tòògbé tí kò ṣeé jí. Akọ̀wé káàdì kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì yẹ kí ó ṣe bí ẹni jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n méjì nínú àmì wọ̀nyí ṣeé fojú rí láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ìkíni ti ń lọ, obìnrin ọ̀dọ́ náà sọ ọmọ kalẹ̀, ó fún un lọ́mú, ọmọ náà sì gbá a mú. Nígbà tí ìlẹ̀kùn kan pa gbàà, ó ṣíjú. Ara rẹ̀ gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú, ó sì ń gbọ́ ariwo. Ìdí nìyẹn tí Màmá Káàdì fi ní àyè láti kí wọn dópin.

Mo ti rí èyí tí kò ní àyè. Ọmọ kan wà tí ọrùn rẹ̀ kò dúró mọ́, ọmú wà lẹ́nu rẹ̀ kò fà á. Lọ́jọ́ náà, ìkíni kò ju "Sànnú" lọ, Màmá Káàdì sì ń rìn bó ṣe ń wí i. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ó na ọwọ́ sí yàrá nọ́ọ̀sì, ó ń wí pé "Sànnú, sànnú" lọ láìdákẹ́, àwọn òbí sì tẹ̀ lé e. Káàdì dúró di ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti gba ọmọ. Kò sí ẹni tí inú bí, nítorí ohùn rẹ̀ kò le, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ti Mọ́ńdè. Ọmọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n àyè kan. Màmá Káàdì fẹ́ mọ ìwọ̀n náà, kò sì bi í pé "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?" Ó ní ìbéèrè tí ènìyàn lè mi orí sí kò wúlò, nítorí ẹni tí kò gbọ́ náà yóò mi orí, tìtorí ìtìjú tàbí tìtorí ọ̀wọ̀. Ohun tó bi í ni pé, "Ẹsẹ̀ lẹ fi wá ni, àbí ọ̀kadà?" Ọmọ náà ní ọ̀kadà ni, ó sì fi kún un pé méjì ni àwọn gùn. Bó bá jẹ́ pé ó kàn mi orí ni, àṣírí ìbá ti tú. Ọgbọ́n kékeré ni, ṣùgbọ́n mo rò pé gbogbo ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ́ ọ.

Orúkọ wá kù. Káàdì ní àyè fún orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá àti àdúgbò. Màmá Káàdì kò bi obìnrin ọ̀dọ́ náà léèrè orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sì bi í léèrè ti ọmọ. Nínú àṣà Fúlàní, àti láàárín Haúsá púpọ̀, obìnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ, kì í sì í pe ti àkọ́bí rẹ̀. Akọ̀wé tí kò mọ̀ yóò béèrè, yóò tún béèrè, obìnrin náà yóò fi ìborùn bo ẹnu, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ orúkọ ọmọ ara rẹ̀. Mo ti rí irú káàdì bẹ́ẹ̀, òfo wà níbi tó yẹ kí orúkọ ọmọ wà. Ọ̀nà tí Màmá Káàdì gbà ni pé ó na ọwọ́ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà, èyí tó ti rí létí ìborùn ìyá rẹ̀. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀. Ti bàbá, ìyá àgbà ló bi í nípasẹ̀ ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n ó dọ́gbọ́n sí i: ó bi í pé ta ni bàbá àgọ́ wọn, nítorí àkọ́bí lè jẹ́ èèwọ̀ lẹ́nu ìyá àgbà náà. Ọmọkùnrin náà ló dáhùn fúnra rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ẹni tí à ń wí, kò sì sí ìdíwọ́ lẹ́nu ọmọdé.

Orúkọ ìyá ọmọ ni Halima. Níbí ni iṣẹ́ Màmá Káàdì ti yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn yòókù. Bí etí Yorùbá bá gbọ́ Halima, ọwọ́ Yorùbá á fẹ́ kọ Àlímọ̀tù. Bí ó bá gbọ́ Fatima, á kọ Fátímọ̀. Orúkọ kan náà ni lójú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ní yàrá káàdì, ibi tí H wà àti ibi tí A wà jìnnà síra. Àpótí atọ́ka tí wọ́n fi ń wá nọ́ńbà fáìlì ń tẹ̀ lé lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ. Bí obìnrin náà bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ sì ti sọnù, Halima ni yóò pe ara rẹ̀, wọ́n á wá H títí, wọn kò ní rí i, wọ́n á sì ya fáìlì tuntun. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fáìlì àkọ́kọ́ yóò wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, dókítà kò sì ní mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, Màmá Káàdì máa ń pe orúkọ náà padà sí oníorúkọ ṣáájú kí ó tó kọ ọ́. Ó ní, "Àlímọ̀?" Obìnrin náà kò dáhùn. Ó ní, "Ha-li-ma?" Obìnrin náà gbójú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé, ó sì mi orí. Màmá Káàdì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ó dá ọmọkùnrin náà dúró níṣẹ́ ògbufọ̀. Orúkọ àti àdúgbò ni ọmọdé lè ṣe. Ohun tó ń ṣe ìyá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀, ọmú, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n gba etí ọmọ ọdún mẹ́wàá kọjá. Ọmọ náà kò ní lè sọ wọ́n, ìyá náà kò sì ní fẹ́ sọ wọ́n níwájú rẹ̀. Màmá Káàdì ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n ti ibùdó Fúlàní fẹ́ wá sí ìlú. Nígbà tí obìnrin yìí dé, òun àti ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè màlúù, wọ́n béèrè àárẹ̀ ọ̀nà. Èrò ń pọ̀ sí i lẹ́yìn, ẹnì kan sì ti ń kùn. Màmá Káàdì dúró jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi parí, kò fi ohùn kan kún un. Ó ní bí òun bá gé e kúrú, ìyá àgbà yóò gbà pé iṣẹ́ ọ̀gá ni obìnrin náà wá ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ti òun, ohun tí yóò sọ fún un yóò sì dín kù. Ìṣẹ́jú tí ìkíni náà gbà kò tó èyí tí wọn ìbá fi tún ìdákẹ́ ṣe.

Ó tún ní ìwà kan tó dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí ògbufọ̀ ti wà, ìyá àgbà ló ṣì ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. Kò sọ pé, "Bi í pé ọjọ́ wo ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná." Ohun tó sọ, tó kọjú sí ìyá náà, ni pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná?" Ó dá ẹnu dúró, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan ni. Nígbà tó ń júwe yàrá nọ́ọ̀sì fún wọn, kò bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ó ní kí ìyá àgbà sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ògbufọ̀, kí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ padà fún òun. Ìyá náà ní ilé ìtajà oògùn. Wọ́n tún un sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi na káàdì sí i, tó fi òsì gbé ìgùnpá ọ̀tún ró.

Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nítòsí. Ti Ìbàrìbá kò sí nínú òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà nígbà tí mo wà níbẹ̀, ti Tífì kò sì sí. Màmá Káàdì ní ìwé kékeré kan tó to nọ́ńbà fóònù sí, èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: oníṣòwò kan ní ọjà, awakọ̀ kan ní gáréèjì, olórí àwọn alágbàṣe oko kan. Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ó ní òfin kan fún ara rẹ̀ nípa fóònù: ìkíni, orúkọ àti ọ̀nà yàrá nìkan ló ń gbà á kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àìsàn, nọ́ọ̀sì ni yóò pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ, nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn wà. Fóònù tí ohùn rẹ̀ ń jáde níwájú èrò kì í ṣe ibi tí a ti ń bi ọkùnrin léèrè ohun tó gbé e wá. Lójú tèmi, ìjọba ló yẹ kó máa san owó fún àwọn ẹni inú ìwé yẹn, kò sì yẹ kó jẹ́ inú rere obìnrin kan ló so gbogbo rẹ̀ ró.

Alágbàṣe Tífì kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí olórí wọn kò gbé fóònù. Yorùbá kò wọlé, "Sànnú" wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹ̀rín. Nígbà tó pe orúkọ rẹ̀, lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ kò bá ẹnu wa mu rárá. Akọ́ṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń fẹ́ kọ ohun tó jọ ọ́. Màmá Káàdì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tì í sí ọkùnrin náà pẹ̀lú bébà. Ọkùnrin náà gbà á, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Ìwé ni ó mọ̀, Yorùbá ni kò gbọ́. Màmá Káàdì dà á kọ sórí káàdì, ó yí i sí i kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọkùnrin náà fi ìka sí lẹ́tà kan tó kù, wọ́n sì fi kún un.